Èròjà Gíríńyà: Bí A Ṣe Ń Mọ Álíkóhọ́ọ̀lù Tí Yóò Jáde

Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, onímọ̀ kẹ́mísírì kan tó ń jẹ́ Philippe Barbier ń gbìyànjú láti fi mágínísíọ̀mù so kábọ̀nù mọ́ kábọ̀nù. Ó máa ń kó gbogbo èròjà rẹ̀ sínú ìgò lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ àbájáde rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó gbé iṣẹ́ náà fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Victor Grignard, òun náà sì pín in sí ìgbésẹ̀ méjì: mágínísíọ̀mù ni ó kọ́kọ́ ṣe tán nínú íítà gbígbẹ, lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da èròjà kejì sí i. Ó kéde iṣẹ́ yìí ní ọdún 1900. Ní 1912, òun àti Paul Sabatier jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì. Èròjà tó ṣe yẹn ni a ń pè ní èròjà Gíríńyà.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. A ó mú nǹkan tí kábọ̀nù rẹ̀ so mọ́ búrómínì, irú bíi búrómóbẹ́ńsíìnì, a ó fi sínú íítà pẹ̀lú mágínísíọ̀mù tí a ti rẹ́ wẹ́wẹ́. Mágínísíọ̀mù á wọ àárín kábọ̀nù àti búrómínì, ohun tó sì jáde ni C6H5MgBr. Ẹ̀yà C6H5 yìí ni a ń pè ní fínáìlì. Mágínísíọ̀mù kì í di ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù mú pinpin, nítorí náà kábọ̀nù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù lájùlọ, á sì máa wá ibi tí wọ́n ti ṣaláìní rẹ̀. Ibi tó máa ń rí ni kábọ̀nù tí ọ́síjìn dì mú lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí a ń kọ báyìí pé C=O, torí ọ́síjìn máa ń fa ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Álídíháìdì, kítóònù àti ẹ́sítà ló ní irú kábọ̀nù bẹ́ẹ̀.

Ká wò ó bí ẹni tó ní ọwọ́ mẹ́rin. Kábọ̀nù inú C=O fi ọwọ́ méjì di ọ́síjìn mú, ó sì fi méjì yòókù di nǹkan mìíràn mú. Nígbà tí èròjà Gíríńyà bá dé, kábọ̀nù yẹn á tú ọwọ́ kan sílẹ̀ lára ọ́síjìn, á fi gba àlejò náà. Ọ́síjìn tó kù pẹ̀lú ọwọ́ kan á di mágínísíọ̀mù mú títí a ó fi da omi tó ní ásíìdì díẹ̀ sí i. Nígbà náà ni háídírójìn á gba ipò mágínísíọ̀mù, tí a ó sì rí OH, àmì álíkóhọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ibi tí C=O wà tẹ́lẹ̀ náà ni OH yóò wà. Ohun tó kù ni kí a wo àwọn tó wà ní ọwọ́ kábọ̀nù yẹn, kí a sì fi àlejò kan kún wọn.

Bí ó bá jẹ́ fọ́málídíháìdì, háídírójìn méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí fínáìlì bá dé, kábọ̀nù kan ṣoṣo ni kábọ̀nù tó ru OH dì mú, a ó sì ní álíkóhọ́ọ̀lù onípò kìíní. Álídíháìdì yòókù ní háídírójìn kan àti kábọ̀nù kan, nítorí náà onípò kejì ni yóò jáde. Kítóònù kò ní háídírójìn kankan níbẹ̀, kábọ̀nù méjì ló dì mú, àlejò á sì sọ wọ́n di mẹ́ta: onípò kẹta nìyẹn. Bí a bá fi C6H5MgBr bá ásítóònù pàdé, álíkóhọ́ọ̀lù tó ní métáìlì méjì àti fínáìlì kan ni a ó rí.

Ẹ́sítà ló yàtọ̀. Ọwọ́ kan lára kábọ̀nù rẹ̀ di ọ́síjìn mìíràn mú, irú bíi OCH3, èyí tó lè jábọ́. Àlejò àkọ́kọ́ á wọlé, OCH3 á sì jáde, C=O á sì padà sí ipò rẹ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa báyìí ni kítóònù, kò sì lè sinmi níbẹ̀. OCH3 ló ń fi ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀ mú ara kábọ̀nù ẹ́sítà rọlẹ̀. Bí ó ti lọ tán, kítóònù ń gba Gíríńyà kíákíá ju ẹ́sítà lọ. Nítorí náà àlejò kejì á wọlé kí ẹ́sítà yòókù tó dáhùn. Èyí ló fà á tí ẹ́sítà fi ń gba méjì, tí álíkóhọ́ọ̀lù rẹ̀ sì fi ń ní ẹ̀yà méjì tó jọra. Ẹni tó bá fi Gíríńyà kan ṣoṣo sí i pé òun fẹ́ dúró sórí kítóònù, ẹ́sítà tí kò yí padà àti álíkóhọ́ọ̀lù onípò kẹta ló máa ń bá ní ìgò jùlọ.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé iṣẹ́ kan dé òpin. A fẹ́ (C6H5)3COH, tó ní fínáìlì mẹ́ta. Ẹ́sítà tí a ó lò ni mẹ́táìlì bẹ́ńsóéètì, C6H5COOCH3, tó ti ní fínáìlì kan tẹ́lẹ̀. Gíráàmù 1.36 rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún móòlù. Nítorí pé méjì ni ó máa gbà, a ó lo ìlọ́po méjì pẹ̀lú díẹ̀ lórí rẹ̀: mágínísíọ̀mù gíráàmù 0.53 àti búrómóbẹ́ńsíìnì gíráàmù 3.45. Bí iṣẹ́ náà bá pé pérépéré, gíráàmù 2.60 ni a ó rí.

Ohun èlò gbogbo gbọ́dọ̀ gbẹ. Iná kankan kò gbọdọ̀ sí nítòsí, torí íítà ń hó ní nǹkan bí 35°C, ó sì tètè ń gbaná. A máa ń fi ẹyọ áyódínì kékeré kan tọ́ mágínísíọ̀mù jí. Bí àwọ̀ áyódínì bá ṣá, tí íítà bẹ̀rẹ̀ sí í hó fúnra rẹ̀, tí omi náà sì dúdú díẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó máa kán ẹ́sítà sí i díẹ̀díẹ̀.

Bí omi bá wọ̀ ọ́, Gíríńyà á gba háídírójìn inú omi, bẹ́ńsíìnì lásán ni a ó bá. Nǹkan mìíràn tó ní OH tàbí NH á ṣe é bákan náà. Ìdọ̀tí míì tó máa ń yọjú ni báìfínáìlì, fínáìlì méjì tó so mọ́ra wọn. Háísíéènì máa ń fọ̀ ọ́ kúrò, álíkóhọ́ọ̀lù tí a fẹ́ kò sì yọ́ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Báìfínáìlì ń yọ́ ní nǹkan bí 70°C, tiwa ń yọ́ ní 162 sí 164°C. Bí èyí tí a rí bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kí ooru tó dé ibẹ̀, kò tíì mọ́.

A tún lè bẹ̀rẹ̀ láti òpin. Bí álíkóhọ́ọ̀lù tí a fẹ́ bá ní ẹ̀yà méjì tó jọra lára kábọ̀nù OH, ẹ́sítà lè ṣe é. Bí kábọ̀nù náà bá ní háídírójìn kan pẹ̀lú méjì tó jọra wọ̀nyẹn, ẹ́sítà ásíìdì fọ́míìkì ni kí a mú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀ síra, ẹ́sítà kò wúlò níbẹ̀, kítóònù tó ti ní méjì nínú wọn ni kí a wá.