Ohùn Kì í Bá Fáwẹ̀lì Lọ

Ilé àti ìwé ló para pọ̀ di iléèwé. Ẹni tó bá fetí sí i dáadáa yóò gbọ́ pé i tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ti pòórá, pé e tó gbẹ̀yìn ilé ti ràn án. Àrànmọ́ ni àwọn onímọ̀ èdè ń pè é. Ṣùgbọ́n ohùn òkè ló wà lórí e tó ran ẹnìkejì rẹ̀. Kí ló dé tí kò ran ohùn mọ́ ọn? Kí ló dé tí ohùn ìsàlẹ̀ tó jẹ́ ti i ṣì wà níbẹ̀ digbí?

Bí ìró bá di gbogbo ẹrù rẹ̀ sójú kan, ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn. Ní 1976, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà, John Goldsmith ní kí ohùn wà ní ìpele tirẹ̀, kí ìró wà ní tirẹ̀, kí a sì fi ìlà so wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ya iléèwé bẹ́ẹ̀. Lókè, a to ohùn: àárín, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Láàárín, àyè mẹ́rin fún fáwẹ̀lì. Nísàlẹ̀, fáwẹ̀lì fúnra wọn: i, e, i, e. Nígbà tí àrànmọ́ bá dé, a ó gé ìlà tó so i kejì mọ́ àyè kẹta, a ó sì fa ìlà tuntun láti ara e tó ṣáájú rẹ̀ lọ sí àyè náà. E kan ṣoṣo wá di àyè méjì mú. Ní ti ohùn, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ìlà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ará ìlú ṣe di aráàlú.

Àwòrán yìí nìkan kò lè sọ ẹni tí yóò ran ẹnìkejì. Owó ilé di owóolé: ti iwájú ló ràn. Owó Adé di owáadé: ti ẹ̀yìn ló ràn, síbẹ̀ ohùn òkè owó kò yẹ̀. Ní 1988, Douglas Pulleyblank ṣàlàyé pé i Yorùbá kò ní àbùdá kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Àyè rẹ̀ ṣófo, nítorí náà aládùúgbò ló ń kún un. Àlàyé yìí lágbára gan-an, torí ó sọ ìdí tó fi jẹ́ pé i ló máa ń pàdánù nínú irú àpólà bẹ́ẹ̀, yálà ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohùn náà máa ń ràn láìmú fáwẹ̀lì dání. Ẹ kùn ilé, kí ẹ kùn ìwé, pẹ̀lú ẹnu pípadé. Ohùn òkè inú ilé dúró lókè. Ti ìwé bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ kó tó gòkè. Ohùn ìsàlẹ̀ orí i ti fa ìlà kejì dé orí e, w tó wà láàárín wọn kò sì dí i lọ́wọ́, nítorí ìpele ohùn kọ́ ló wà. E kò yí padà. Ìdàkejì rẹ̀ wà nínú rárà, níbi tí à ti bẹ̀rẹ̀ lókè kó tó wálẹ̀. Bí a kò tilẹ̀ fi àmì kankan kọ ọ́, ẹ̀rọ tó ń ya ìgbòkègbodò ohùn máa ń fi hàn kedere.