Kí Ilé Lẹ́sìn Tó Lórúkọ

Ẹni tó bá fẹ́ dá ilé lẹ́sìn sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ ló kọ́kọ́ máa ń rò. Owó ilé, bẹ́ǹṣì, pátákó ìkọ̀wé àti jẹnẹrétọ̀ ló máa ń gbà á lọ́kàn. Ìgbà tí gbogbo nǹkan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tò tán ló máa ń rántí pé ibẹ̀ kò tíì ní orúkọ. Á wá sáré fi íméèlì ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá orúkọ tó dáa.” Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, orúkọ á ti kún inú fóònù rẹ̀. Ọ̀kan jọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn gùn bí orin, òmíràn sì ti wà lára pátákó ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí.

Àwọn ọ̀rẹ́ yẹn kò ṣẹ̀. Lẹ́tà náà ni kò sọ fún wọn irú orúkọ tí wọ́n fẹ́. Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹni tó ń kọ̀wé náà kò sì ṣí ilé ọ̀hún han ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká fi olùkọ́ obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà tó lè mú orúkọ gidi wá fún un lè lọ báyìí:

“Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ ṣí ilé lẹ́sìn ní Àkóbọ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ láti kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé kíláàsì àṣekágbá ní gírámà la ó máa kọ́. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì la ó fi bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ mìíràn lè tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún mi ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta. Kí ó má ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Kí ẹni tó gbọ́ ọ lórí fóònù lè kọ ọ́ sílẹ̀ láìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì. Kí ó má dárúkọ Àkóbọ̀, kí ó má dárúkọ ìdánwò kankan, kí ó má sì ní orúkọ tèmi nínú. Bó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i, kí ẹ wo ohun tó dà. Ẹ kó lẹ́tà àkọ́kọ́ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, kí ẹ wò ó bóyá kò bú wa. Èmi nìkan ni kí ẹ dá lóhùn, kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Èmi ni màá mú ọ̀kan níbẹ̀, torí náà kí ẹnikẹ́ni má bínú bí n kò bá mú tirẹ̀.”

Lẹ́tà náà kò gùn, ṣùgbọ́n gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ ló ní ìdí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ẹni tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ni àríyànjiyàn máa ń wà lé lórí jù. Ó ṣe tán, àwọn ilé lẹ́sìn tó lókìkí jù láyé, orúkọ ẹni tó dá wọn sílẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Toru Kumon, olùkọ́ ìṣirò ará Japan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́ ìṣirò sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní 1954. Kumon di ilé-iṣẹ́ ní 1958, orúkọ náà sì ti wà káàkiri ayé báyìí. Ní Brooklyn ní Amẹ́ríkà, Stanley Kaplan bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn tirẹ̀ ní 1938, nínú ilé àwọn òbí rẹ̀. Kí ló wá dé tí olùkọ́ Àkóbọ̀ kò fi fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀? Àwọn òbí ni. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà lára pátákó, òun gan-an ni ìyá kọ̀ọ̀kan á fẹ́ kó máa kọ́ ọmọ òun. Ọjọ́ tó bá gba olùkọ́ kejì, àwọn òbí á ní ẹni tí àwọn sanwó fún kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun nìkan ni yóò máa kọ́ wọn títí lọ lè fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kò sí àbùkù níbẹ̀.

Orúkọ ìdánwò ní tiẹ̀ máa ń wu èèyàn, nítorí JAMB àti WAEC ni àwọn òbí ń wá kiri. Ṣùgbọ́n àjọ ni JAMB jẹ́, láti 1978 ni ìjọba ti dá a sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí aládàáni ń fi sára ṣọ́ọ̀bù. Yàtọ̀ síyẹn, ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kẹrin yóò rí pátákó bẹ́ẹ̀, á sì kọjá lọ. Á ní ibi àwọn ọmọ ńlá nìyẹn.

Orúkọ kò sì gbọ́dọ̀ sọ gbogbo iṣẹ́ ilé náà tán. Nígbà tí Tai Solarin dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn èèyàn kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 ló fún un: Mayflower. Kò sí ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì nínú orúkọ náà, síbẹ̀ ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Ibi tí àwọn tó fẹ́ orúkọ Yorùbá ti máa ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ àmì. Ẹni tó ń kọ pátákó kì í sábà fi àmì sí i, àdírẹ́sì íméèlì kì í gbà á, inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà kì í sí i. Ọ̀rẹ́ kan lè mú “Ilé Ẹ̀kọ́” wá tìdùnnú-tìdùnnú. Bí wọ́n bá bọ́ àmì rẹ̀ kúrò, “Ile Eko” ló kù. Ará Èkó á rò pé ilé àwọn ará ìlú òun ni, ẹni tí ebi ń pa á sì rò pé wọ́n ń ta ẹ̀kọ tòun ti mọ́ínmọ́ín níbẹ̀. “Ìmọ̀” pẹ̀lú á di “Imo”, orúkọ ìpínlẹ̀ odindi. Ọ̀rọ̀ tó dúró gbọin láìsí àmì ló yẹ kí wọ́n máa wá.

Kíkó lẹ́tà àkọ́kọ́ jọ kò yàtọ̀. Ká ní ẹnì kan dábàá “Ọgbọ́n Lérè Ẹ̀kọ́”. Orúkọ náà dára, ó nítumọ̀, àwọn òbí á fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í pe orúkọ gígùn, wọ́n á gé e kúrú ni. Ọ, L, Ẹ. Ọ̀lẹ ni wọ́n kọ sí àyà ẹ̀wù ọmọ yẹn. Bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀wù náà bá sì gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà, olè ló kọ síbẹ̀.

Bí lẹ́tà náà ṣe máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tún ṣe pàtàkì. Bí olùkọ́ náà bá fi àdírẹ́sì gbogbo wọn sí ojú kan náà, ẹni àkọ́kọ́ tó bá dáhùn sí gbogbo ènìyàn ló máa darí èrò àwọn tó kù. Bó bá mú orúkọ tó ní “ìmọ́lẹ̀” wá, oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n á máa fi ránṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní 1958, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Yunifásítì Yale, Taylor, Berry àti Block, fi èyí wé ara wọn. Wọ́n kó àwọn kan jọ ní mẹ́rin-mẹ́rin láti jọ ronú pọ̀, wọ́n sì ní kí àwọn mìíràn dá ronú. Nígbà tí wọ́n pa èrò mẹ́rin-mẹ́rin àwọn tó dá ronú pọ̀, tiwọn ló pọ̀ ju ti àwọn tó jókòó pọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí olùkọ́ náà kó àdírẹ́sì gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí ojú `Bcc`, kí ó sì fi tirẹ̀ sí ojú `To`. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní rí ẹlòmíràn, òun nìkan ni èsì yóò sì máa wá bá.

Ká wá ní ọjọ́ Jímọ̀ ti dé, èsì sì ti wọlé. Ọ̀kan ni “Akọ́mọlédè”. Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Yorùbá ló ń jẹ́ ẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìkejì ni “Mọ̀ọ́kà”. Láìsí àmì, “Mooka” ni, àwọn ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa ka Gẹ̀ẹ́sì á sì máa pè é ní “Múúkà”. Ìkẹta fi “National” síwájú kí ó lè dún bí ilé ńlá. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí “Federal”, “State” àti “Government”, sórúkọ ilé-iṣẹ́ láìgba àṣẹ, nítorí ó lè jọ pé ìjọba ló ni ín. Ìkẹrin ni “Ìpìlẹ̀”, ìkarùn-ún sì ni “Àtùpà”. Méjèèjì kúrú, wọ́n ṣe é kọ bí èèyàn bá ṣe gbọ́ wọn, wọn kò sì yí padà nígbà tí àmì bá kúrò. Àléébù “Ìpìlẹ̀” ni pé ó lè jọ ti àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, kí àwọn ọmọ gírámà má fẹ́ wọ ẹ̀wù rẹ̀. Nítorí náà “Àtùpà” ló ṣíwájú, “Ìpìlẹ̀” sì tẹ̀ lé e.

Ó dáa bí ó ṣe ku méjì, nítorí orúkọ méjì ni CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ forúkọ pamọ́: èyí tó wù ú jù, àti èyí tó lè rọ́pò rẹ̀ bí ẹlòmíràn bá ti ń jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó lè kọ́kọ́ wá a wò lórí ìkànnì àjọ náà kó tó sanwó. Ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ bíi àtùpà, kò ní yani lẹ́nu bí ó bá bá a níbẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ìyẹn ni lẹ́tà rẹ̀ ṣe fàyè ọ̀rọ̀ mẹ́ta sílẹ̀. Bí CAC bá gbà á, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n á fi bá a tọ́jú orúkọ náà, kí ó fi parí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kan náà ni kí ó ra àdírẹ́sì orí ayélujára rẹ̀. `.com.ng` ló rọrùn fún un, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti gírámà ni `.sch.ng` wà fún, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló sì ni `.edu.ng`. Kí ó má fi falẹ̀. Ní 1994, Princeton Review, tó ń bá Kaplan du akẹ́kọ̀ọ́, rí i pé Kaplan kò tíì gba `kaplan.com`, ló bá gbà á. Wọ́n ní kí ẹni tí Kaplan bá ṣẹ̀ wá sọ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Kaplan fárígá, John Katzman tó jẹ́ ọ̀gá Princeton Review ní kí wọ́n fún òun ní páálí bíà kan, òun á sì dá a padà. Kaplan kọ̀, ó di iwájú àwọn onílàjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á padà fún un. Princeton Review fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí, kò bá Yunifásítì Princeton tan rárá.

Títí gbogbo èyí á fi parí, kí olùkọ́ náà má tíì kéde èyí tó mú, àní fún àwọn ọ̀rẹ́ tó bá a wá a pàápàá. Wásáàpù kò ní ìlẹ̀kùn, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ CAC ni wọ́n ń dá lóhùn. Lẹ́yìn tí ìwé bá ti jáde ni kí ó tó kọ lẹ́tà kejì, kí ó dúpẹ́, kí ó sì sọ fún wọn pé àwọn orúkọ tó kù ṣì wà nípamọ́ lọ́wọ́ òun, bí ọjọ́ kan bá dé tí òun fẹ́ ṣí ẹ̀ka ní Abẹ́òkúta.