Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Ló Ń Jẹ́ Kí Fọ́tò Mọ́

Bí a bá fi fóònù fa ohun tó jìnnà súnmọ́ra ká tó yà á, etí rẹ̀ sábà máa ń rí ṣákaṣàka, àwọ̀ tí kò sí lára rẹ̀ á sì yọjú. Lọ́dún 2018, Google gbé ọgbọ́n kan sínú fóònù Pixel 3 láti dín èyí kù. Fóònù náà á ya fọ́tò mélòó kan léraléra, á sì pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Gbígbọ̀n ọwọ́ ẹni tó ń ya fọ́tò gan-an ni iṣẹ́ náà gbára lé.

Àwọn ojú wínní-wínní tí à ń pè ní píksẹ́lì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, àwọ̀ kan péré sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń rí. Ìdajì wọn ń rí àwọ̀ ewé, ìdá kan nínú mẹ́rin ń rí pupa, ìyókù ń rí búlúù. Nínú ẹyọ fọ́tò kan, fóònù ní láti wo àwọn tó wà nítòsí, kó sì méfò àwọ̀ méjì tó kù. Ibi tí ìméfò bá ti ṣìnà ni àwọ̀ èké ti ń wá.

Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ibi tí píksẹ́lì pupa wò nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ti àwọ̀ ewé lè bọ́ síbẹ̀ nínú èkejì. Bí fọ́tò bá ti pọ̀ tó, fóònù ti rí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi púpọ̀, kò ní máa méfò mọ́. Bí ọwọ́ bá sì yẹ̀ ní ìdajì píksẹ́lì, fóònù á rí ohun tó wà láàárín píksẹ́lì méjì.

Ká ní à ń ya pátákó ìpolówó tó wà ní òdìkejì títì. Fóònù á mú fọ́tò kan tó mọ́ dáadáa ṣe ìpìlẹ̀, á wọn bí àwọn yòókù ṣe yẹ̀ sí i tó, á sì dá ohun tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan rí padà sí àyè rẹ̀. Létí lẹ́tà, gbọọrọ etí náà ló ń tọ̀, kì í dábùú rẹ̀, kí etí náà má baà ṣú. Àwọn àmì bí iyanrìn tí òkùnkùn ń mú wá náà á dín kù: àpapọ̀ fọ́tò mẹ́rìndínlógún lè dín wọn kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Bí ọ̀kadà bá kọjá níwájú pátákó náà ńkọ́? Níbi tí fọ́tò kan kò bá ti bá ìpìlẹ̀ mu, fóònù á pa ibẹ̀ tì. Ìdí nìyẹn tí pátákó fi lè mọ́ kedere tí ara ọ̀kadà á ṣì ní àmì bí iyanrìn. Bí àyẹ̀wò yìí bá kùnà, ẹ ó rí òjìji ọ̀kadà ní ibi méjì.

Ọgbọ́n yìí ní òpin. Ohun tí lẹ́ńsì kò bá gbé wọlé, àpapọ̀ fọ́tò kò lè dá a. Nínú òkùnkùn, fọ́tò kọ̀ọ̀kan máa ń pẹ́ kó tó yà tán, gbígbọ̀n ọwọ́ á sì wá ba ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Nítorí náà, ẹ nu lẹ́ńsì, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú, ẹ má sì gbé e kúrò títí yóò fi yà tán.