Bí Ọ̀rẹ́ Bá Fi Ọkọ̀ Tí A Yá A Ṣe Jàǹbá, Ta Ni Yóò Sanwó?

Ọ̀pọ̀ onímọ́tò kì í fi kọ́kọ́rọ́ du ọ̀rẹ́. Mọ́tò ọ̀rẹ́ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó sì ní òde lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á ní kó máa mú tàwọn lọ. Bí onítọ̀hún bá wá lọ forí sọ ọkọ̀ ẹlòmíràn, ohun tí ará àdúgbò á sọ ni pé ẹni tó ni ọkọ̀ ló ni ẹjọ́. Ìlànà àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn adájọ́ Nàìjíríà náà máa ń gbé yẹ̀ wò, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1972, irú ẹjọ́ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin kan ló ni Jágúà kan, ṣùgbọ́n baálé rẹ̀ ló máa ń wà á lọ síbi iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ti jọ fẹnu kò pé bí baálé bá mutí, kò ní wakọ̀. Yóò bẹ ọ̀rẹ́ kan kó wà á, tàbí kó ní kí ìyàwó wá gbé òun. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó mutí yó, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ yìí kó àwọn mẹ́ta mìíràn sínú ọkọ̀, ó ní kí àwọn lọ wá nǹkan jẹ, ó sì kọrí síbi tí kì í ṣe ọ̀nà ilé. Baálé ti sùn lọ lẹ́yìn ọkọ̀. Eré àsápajúdé ni ọ̀rẹ́ ń bá bọ̀ tó fi kọ lu bọ́ọ̀sì kan. Òun àti baálé kú. Àwọn mẹ́ta yòókù fara pa gan-an, wọ́n sì pe ìyàwó lẹ́jọ́.

Ilé ẹjọ́ méjì tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí obìnrin náà sanwó. Àwọn adájọ́ àgbà dá a nù. Wọ́n ní pé èèyàn ni ọkọ̀, tó sì yọ̀ǹda kí ẹlòmíràn wà á, kò tó láti gbé ẹ̀bi rù ú. Ó gbọ́dọ̀ hàn pé iṣẹ́ tí ẹni tó ni ọkọ̀ rán awakọ̀ ló ń jẹ́. Lílọ wá oúnjẹ kiri lóru kì í ṣe iṣẹ́ ìyàwó.

Àmọ́ ẹjọ́ ọdún 1953 kan gba ọ̀nà mìíràn. Ọkùnrin kan ń lọ díje nínú eré ọkọ̀ tó máa ń parí sí Monte Carlo, ó sì ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun wa ọkọ̀ òun kan láti Birkenhead wá pàdé òun níbẹ̀, kí wọ́n lè jọ gba ibẹ̀ lọ sinmi. Ọ̀rẹ́ kọ lu bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà. Lóòótọ́, ọ̀rẹ́ náà ń gbádùn ìrìn àjò tirẹ̀, ṣùgbọ́n olówó ọkọ̀ náà fẹ́ kí ọkọ̀ dé ọ̀hún, ó sì jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí “bá mi já ìyá mi sílẹ̀ bí o bá ń lọ” fi lè yí ẹjọ́ padà pátápátá. Bákan náà ni kò sí ààbò fún ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó mọ̀ pé ó ti mutí yó tàbí tí kò mọ ọkọ̀ wà: àìkíyèsára tirẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ibi tí ó ti ń dun onímọ́tò jù ni ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì. Nígbà kan, ọkùnrin kan yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọkọ̀, ọ̀rẹ́ yẹn sì gbé e fún ẹlòmíràn, tó lọ kọ lu bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì fara pa. Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà kò kan àwọn méjèèjì tó yá a, wọn kò sì lówó lọ́wọ́. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní kí olówó ọkọ̀ sanwó láti àpò ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló wà á, òun kọ́ ló sì rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó gbà kí wọ́n wa ọkọ̀ tí ìnṣọ́ránsì rẹ̀ kò bo àwọn tó ń wà á, èyí tí òfin ọdún 1930 kà léèwọ̀. Òfin ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1945, tó wà títí di ọdún 2025, náà sọ bẹ́ẹ̀: wíwà á láìsí ìnṣọ́ránsì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, gbígbà kí ẹlòmíràn wà á bẹ́ẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Nítorí náà, ibi tó yẹ kí a kọ́kọ́ wò nínú ìwé ìnṣọ́ránsì ni ibi tí wọ́n kọ àwọn tó lè wa ọkọ̀ náà sí. Ìwé kan lè gba ẹnikẹ́ni tí olówó ọkọ̀ bá yọ̀ǹda fún, bí onítọ̀hún bá ṣáà ti ní láísẹ́ńsì. Ní Bìrìtéènì, ọ̀pọ̀ ìwé kò gbà ju àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ lọ. Kí ọ̀rẹ́ sọ pé ìnṣọ́ránsì tòun bo ọkọ̀ ẹlòmíràn kò tó. Ẹ ní kó mú ìwé wá, nítorí pé bí onímọ́tò bá ṣèèṣì gbà á gbọ́, òfin kò ka ìyẹn sí àwáwí.