Ohùn Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ Nídìí Àwo Àmàlà

Àwàdà kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fi fóònù ṣe nínú ilé. Ìdílé ń jẹ oúnjẹ alẹ́, ariwo ta, àwọn ọmọ ń jà sí ẹran, ìyá ń pariwo pé kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ohùn kan ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tìṣọ́ratìṣọ́ra, bí ọdẹ tó lúgọ tó ń ṣọ́ agbo ẹranko. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì dá sí ìjà. Ó kàn ń ṣàlàyé ìwà àwọn tó ń jẹun bí onímọ̀ ṣe ń ṣàlàyé ìwà kìnnìún nínú fíìmù. Ó jọ ohun tó rọrùn, àmọ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ tó ń dán an wò kì í tẹ adùn rẹ̀, nítorí pé ohùn onímọ̀ nìkan ni wọ́n mú, wọn ò mú ojú tó fi ń wo ẹranko.

Ohùn yẹn ní orísun. Ní 1979, iléeṣẹ́ BBC gbé ètò kan jáde nípa bí ohun abẹ̀mí ṣe tàn kálẹ̀ láyé. Nínú rẹ̀ ni David Attenborough ti jókòó láàárín àwọn ìnàkí ńlá orí òkè ní Rwanda, tó ń rọra bá òǹwòran sọ̀rọ̀. Ìdí wà tó fi rẹ ohùn sílẹ̀: àwọn ẹranko náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àlàyé kì í ti inú igbó wá. Ọ̀nà jíjìn ni ayàwòrán sábà máa ń dúró sí ya ẹranko. Ìgbà tí wọ́n bá to àwòrán tán ni aṣàlàyé á wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, tí yóò ka ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ náà kò yí padà, torí pé bí a bá ti gbọ́ ọ, ọkàn wa á sọ fún wa pé ewu wà nítòsí, kí á má ṣe mira.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, kò séwu kankan, ariwo ló sì gba gbogbo ilé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá. Bí ariwo bá ṣe ń ròkè, bẹ́ẹ̀ ni kí ohùn aṣàlàyé máa rẹlẹ̀ sí i.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Àwọn ọdẹ tó ń sun ìjálá máa ń ki erin, ẹfọ̀n àti ọ̀bọ bí ẹni ń ki èèyàn pàtàkì, wọ́n á mẹ́nu ba ìrìn wọn, ìrísí wọn àti ìwà wọn. Oníjàálá ń fi ojú èèyàn wo ẹranko. Àwàdà yìí ń fi ojú ọdẹ wo èèyàn. Nínú méjèèjì, ẹni tí kò bá wo nǹkan dáadáa kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ibi tó ti le jù ní èdè Yorùbá ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. "Ó" là ń pe ẹranko, àmọ́ "wọ́n" là ń pe bàbá. Ẹni tó bá ní "ó ti gbá ẹran mú" nípa bàbá rẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ọ á bínú kí wọ́n tó rántí rẹ́rìn-ín. Kí aṣàlàyé má ṣe yọ ọ̀wọ̀ kúrò o. Kí ó pe bàbá ní olórí agbo, kí ó sì máa fi "wọ́n" bá a lọ: "Olórí agbo ti jókòó. Wọn kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan." Ọ̀wọ̀ tó bá ọ̀rọ̀ ẹranko rìn báyìí tún ń dá kún ẹ̀rín. Àwọn ọmọ ni ó lè pè ní "ó" láìsí wàhálà.

Lẹ́yìn ohùn, ìmọ̀ ló kàn. Ní Gombe, ní Tanzania, ní 1960, Jane Goodall rí i pé àwọn ṣimpansí ń jẹ ẹran. Bí ọ̀kan bá rí ẹran mú, àwọn yòókù á yí i ká. Wọ́n á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn lójú. Nígbà mìíràn yóò fún wọn, nígbà mìíràn yóò kẹ̀yìn sí wọn. Ẹni tó bá mọ èyí ti ní ìtàn tó fẹ́ sọ lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe lè lọ:

"Ilẹ̀ ti ṣú. Agbo ti pé yí àmàlà ká. Ṣàkì tó tóbi jù wà nínú àwo olórí agbo, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Ẹ wo ọmọ tó kéré jù. Ó ti jẹ ẹran tirẹ̀ tán kí ó tó fọwọ́ kan òkèlè. Ó ń sún mọ́ wọn. Díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó wojú wọn. Olórí agbo yí èjìká padà. Ọmọ náà kò kúrò. Ó mí kanlẹ̀. Wọ́n ti ń gé ṣàkì sí méjì."

Kò sí èébú kankan níbẹ̀. Kò pe ọmọ náà ní ọ̀jẹun tàbí alájẹkì. Ohun tí ojú rí nìkan ló sọ. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, kí ariwo ilé lè rí àyè wọlé láàárín wọn.

Ariwo náà sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní 1980, Robert Seyfarth, Dorothy Cheney àti Peter Marler kọ̀wé nípa irú ọ̀bọ kan ní Amboseli, ní Kenya. Igbe tí ọ̀bọ yìí ń ké nítorí ẹkùn yàtọ̀ sí ti idì, ti idì sì yàtọ̀ sí ti ejò. Bí wọ́n bá gbọ́ ti ẹkùn nígbà tí wọ́n wà nílẹ̀, wọ́n á sá gun igi. Bí wọ́n bá gbọ́ ti idì, wọ́n á wòkè. Bí wọ́n bá gbọ́ ti ejò, wọ́n á máa wo ilẹ̀.

Ilé wa náà ní irú igbe bẹ́ẹ̀. Bí bàbá bá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, fóònù gbogbo á wọ abẹ́ tábìlì. Bí iná bá dé, igbe "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" á gbé gbogbo ọmọ dìde. Àmọ́ bí ìyá bá bi wọ́n pé, "Ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò?", aṣàlàyé lè rọra sọ pé: "Igbe yìí yàtọ̀. Agbo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀, bí ẹni pé ejò wà níbẹ̀."

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ya àwòrán láìsọ̀rọ̀ rárá. Kí ó gbé fóònù sí ibi tí kò ti ní mì, kí ó sì jẹ́ kí ọwọ́ kan náà wà lójú fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni kí ó wò ó, kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó wá gba ohùn sílẹ̀ ní yàrá tó dákẹ́. Kó má ṣe fi èémí lásán sọ̀rọ̀, torí pé ariwo àwo á bò ó mọ́lẹ̀. Kí ó lo ohùn gidi tó rẹlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ jìnnà sí fóònù ní nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ó sì yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má bàa máa lù ú. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo tó fún ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó sábà máa ń ba àwàdà náà jẹ́ ni pé aṣàlàyé á ṣáà máa sọ ohun tí gbogbo èèyàn ti rí, bíi "wọ́n ń jẹ àmàlà". Òmíràn ni pé á rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Èyí tó burú jù ni kó máa fi ọmọ tí ebi ń pa tàbí àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ṣe ẹlẹ́yà. Kí ará ilé kọ́kọ́ wò ó tán kó tó dé ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wò. Yọ èèyàn kúrò níbẹ̀, fi ìnàkí rọ́pò rẹ̀, kí o wò ó bóyá ó ṣì jẹ́ òótọ́. "Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó wojú àgbà" jẹ́ òótọ́ fún ọmọ àti fún ìnàkí, nítorí náà fi í sílẹ̀. "Ó ń jẹun bí ẹranko" kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ọmọ, kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹranko. Yọ ọ́ dànù.