Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Mo Ń Wá Kí N Tó Tẹ “I Agree”

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé ní Kámpù, ní Abẹ́òkúta níbí, fẹ́ yá ₦15,000 lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti fi líǹkì áàpù wọn ránṣẹ́ sí i lórí Wáàsáàpù. Mo ní kó dúró ná, kí a wo “Privacy Policy” tó wà ní ìsàlẹ̀ wẹ́ẹ̀bù wọn. Ó gùn ju ìwé àdéhùn onílé wa lọ, nítorí náà a ò kà á tán. A tẹ Ctrl+F lórí kọ̀ǹpútà, a sì wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni “collect”. Ibẹ̀ ni wọ́n ti to ohun tí wọ́n ń gbà: orúkọ, BVN, ibi tí èèyàn wà, àti “contact list”. Mo bi í pé kí ni nọ́ńbà màmá rẹ̀ kàn nínú owó tí òun fẹ́ yá. Kò rí èsì fún mi.

Ìkejì ni “share”. Ohun tí a rí ni “may share” àti “third parties”. “May” yẹn máa ń tan èèyàn jẹ. Ó dún bí ẹni pé bóyá ni wọ́n máa ṣe é, bẹ́ẹ̀ àyè ni wọ́n fi ń gbà láti ṣe é nígbàkigbà tó bá wù wọ́n. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ní kí wọ́n sọ àwọn tí wọ́n ń fún ní dátà wa, tàbí ó kéré tán, irú ẹni tí wọ́n jẹ́. “Third parties” lásán kò sọ nǹkan kan.

Ìkẹta ni “retain”, iye àkókò tí wọ́n máa fi tọ́jú dátà náà. Wọn ò kọ iye kankan síbẹ̀.

Àmọ́ ìwé náà lè má sọ gbogbo rẹ̀. Ní 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé Soko Lending lórí. Oníbàárà kan kò rí owó san padà, ni wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀. NITDA tún rí kóòdù atọpasẹ̀ nínú áàpù náà, tó ń fi dátà ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn láìjẹ́ kí àwọn oníbàárà mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo “Permissions” lórí fóònù, kí n fi wé ohun tí mo kà. Láti 31 oṣù Karùn-ún 2023 ni Google Play ti fòfin de áàpù ayánilówó pé kò gbọdọ̀ wo “Contacts” àti fọ́tò. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò ká fáìlì .apk tí a bá gbà láti orí Wáàsáàpù, irú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi.

Ó ṣáà fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó tẹ “Deny” sí “Contacts”, áàpù náà sì kọ̀, kò ṣí. Ó yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, ó wọ ọkọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú.