PLC ti pàṣẹ, ṣùgbọ́n apá ẹ̀rọ kò mira: Bí a ṣe ń wá ibi tí àṣẹ há sí

Iná kékeré tó wà lójú PLC máa ń tan ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná jẹ. PLC ni kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ iléeṣẹ́. Òun ló ń sọ ìgbà tí apá irin kan yóò nà jáde àti ìgbà tí yóò padà. Bí iná náà bá tàn, tí apá irin kò sì mira, àwọn kan á ní PLC ló bàjẹ́, wọ́n á sì náwó ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí iná yẹn ń sọ kò ju pé àṣẹ ti jáde lọ. Kò sọ pé àṣẹ náà dé ibi tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rọ omi sínú ìgò ṣe àpẹẹrẹ. Sìlíńdà afẹ́fẹ́ ló ń ti páálí omi kúrò lórí bẹ́líìtì níbẹ̀. Àṣẹ ń jáde lójú Q0.3 lára PLC, ó ń gba inú wáyà lọ sí kóìlì tó wà lórí fáàfù. Kóìlì yóò ṣí fáàfù, afẹ́fẹ́ láti inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò wọlé, sìlíńdà yóò sì nà. Lọ́jọ́ kan, iná Q0.3 tàn, ṣùgbọ́n sìlíńdà dúró gbọin.

Ààbò ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Sìlíńdà tí kò mira lè ta jáde lójijì, kó sì fọ́ ọwọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan irin rẹ̀, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n ti ọ̀nà afẹ́fẹ́, kí wọ́n tú èyí tó há sínú rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì fi àgádágodo sí i. Bí àyẹ̀wò bá gba pé kí iná àti afẹ́fẹ́ wà, kí gbogbo èèyàn kúrò níwájú sìlíńdà.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wo Q0.3 lójú kọ̀ǹpútà bóyá ó dúró sójú kan. Nígbà mìíràn, ibi méjì ni wọ́n ti kọ Q0.3 sínú ètò PLC, tí àṣẹ tó gbẹ̀yìn á sì fagi lé ti ìṣáájú. Nínú àpẹẹrẹ wa, iná náà dúró, kò ṣẹ́jú. Ètò kọ́ ló ní ẹ̀bi.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ló máa ń pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ọ̀pọ̀ fáàfù ló ní bọ́tìnnì kékeré lára, tí a lè fi ọwọ́ tẹ̀ láìlo iná rárá. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tí sìlíńdà kò nà, kí wọ́n wo bóyá afẹ́fẹ́ tó, bóyá rọ́bà rẹ̀ ká, tàbí bóyá irin há. Bó bá nà, bó ṣe rí nínú àpẹẹrẹ wa, a jẹ́ pé ọ̀nà iná ni wàhálà wà.

Nígbà náà ni kí wọ́n mú mítà. Fóòtì 24 ni kóìlì yìí ń lò. Pẹ̀lú àṣẹ lójú Q0.3, mítà ka 24 lára PLC. Ká ní kò sí fóòtì níbẹ̀ ni, à bá yẹ fíúsì àti iná tó ń bọ́ PLC wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹnu mítà méjèèjì kan ìdí méjèèjì kóìlì, 9 péré ni wọ́n rí. Ọ̀pọ̀ fáàfù kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí fóòtì bá fi ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ dín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á tú wáyà kúrò lára kóìlì, wọ́n á fi mítà wọ̀n ọ́n, mítà á ka 24, wọ́n á sì sọ pé wáyà dára. Iná tí mítà ń fà kéré débi pé wáyà tó ti jẹrà pàápàá lè gbé e. Ìgbà tí kóìlì bá ń fa iná tirẹ̀ ni àléébù ń hàn. Nítorí náà, kí wáyà wà lára kóìlì nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n.

Fóòtì 15 tó kù ti sọnù sójú ọ̀nà. Kí wọ́n fi ẹnu mítà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì oríkèé wáyà kọ̀ọ̀kan. Oríkèé tó dára kò ní fi bẹ́ẹ̀ ka nǹkan kan. Nínú àpótí kan tí omi ti ń wọ̀, oríkèé kan ka 15: ó ti dípẹtà. Wọ́n pa iná, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n tún un so, wọ́n sì dí àpótí náà kí omi má baà wọlé mọ́.

Ká ní 24 pé lára kóìlì ni, kóìlì gan-an là bá fura sí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná, tí wọ́n sì ti tú wáyà, kóìlì fóòtì 24 tí wọ́n kọ wáàtì 4.8 sí lára gbọ́dọ̀ ka bí óòmù 120. Bí mítà kò bá ka ohunkóhun, wáyà inú rẹ̀ ti já.

Iṣẹ́ kò tíì parí nígbà tí sìlíńdà bá nà lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tún wọn kóìlì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá ka nǹkan bí 24, àṣẹ PLC ti dé ibi tó ń lọ.